Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ṣáájú oúnjẹ: kí ni ọ̀rọ̀ ara páálí oògùn ń sọ gan-an?

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Dókítà fún màmá mi ní oògùn àtọ̀gbẹ tuntun kan, gílípísáìdì, hóró 5 mg. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni pé kí wọ́n máa lo hóró kan, "tuwáìsì déìlì, bìfọ́ mííìsì". Lánàá, màmá lo tiwọn ní aago 7 àárọ̀, wọ́n wá ń dúró dè wá kí gbogbo wa lè jọ jẹun. Oúnjẹ ò délẹ̀ títí aago 10 fi fẹ́ẹ̀ lù. Ká tó mọ̀, òógùn ti bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ wọn ò já geere mọ́. Ìgbà tí wọ́n mu omi ṣúgà tí wọ́n sì jẹun ni ara wọn tó balẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe ṣáájú oúnjẹ náà ni mo lò ó?" Ibo la ti ṣì í? Ìgbà wo sí ìgbà wo sì ni ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́? Ọ̀rọ̀ gàgàrà kan tún wà nínú bébà inú páálí náà, "kọntiréńdíkéṣọ̀n". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Aago Ò Purọ́

Ìyẹn rọrùn. Ojúmọ́ kan jẹ́ wákàtí 24. Tí o bá pín in sí méjì, wákàtí 12 ni. Aago 7 àárọ̀, aago 7 alẹ́, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Fóònù ni èmi máa ń fi sí i; bó bá ti dún, oògùn ti dé ẹnu mi. Ní ti ṣáájú oúnjẹ, kí ikùn ṣófo ni wọ́n ń sọ. Màmá ò ṣe ohun tó burú. Bóyá oògùn yẹn ló le jù fún wọn.

Ìyá Bọ̀dé

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìpayà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kì í ṣe hóró méjì ni màmá lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Wọ́n kọ "2×3" sára àpò oògùn mi. Hóró méjì ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sọ, èmi ń lo hóró mẹ́ta ní ẹ̀ẹ̀mejì. Mẹ́fà náà ni lójúmọ́, nítorí náà oògùn tán lọ́jọ́ tó yẹ kó tán, ẹnikẹ́ni ò sì fura. Inú mi tó ń ta mí bí iná ló jẹ́ kí n padà lọ béèrè.

Àbẹ̀kẹ́

Rárá, ẹ̀yin Ìyá Bọ̀dé, hóró kan ni wọ́n lò. Èmi fúnra mi ni mo yọ ọ́ fún wọn. Ẹ ṣeun.

Apoògùn Alẹ́

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ewu màmá. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló já wálẹ̀. Kì í ṣe pé oògùn yẹn bàjẹ́, màmá náà ò sì ṣàìgbọràn. Ọ̀rọ̀ ara páálí yẹn ló sọ ìdajì, tó gbé ìdajì yòókù mì.

Ohun tí gílípísáìdì máa ń ṣe ni pé ó máa ń fipá mú ara láti tú ínsúlínì jáde. Iṣẹ́ ínsúlínì ni kó kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí èèyàn bá gbé e mì ni agbára rẹ̀ máa ń ga jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Màmá lò ó ní aago 7, láàárín aago 8 sí aago 10 ni oògùn wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí oúnjẹ kankan tí ínsúlínì máa bá nílẹ̀. Ṣúgà díẹ̀ tó ṣẹ́kù lára ló ń kó. Òógùn, ọwọ́ gbígbọ̀n àti ọ̀rọ̀ tí kò já geere yẹn, bó ṣe máa ń fi ara hàn nìyẹn.

"Ṣáájú oúnjẹ" tí wọ́n kọ fún màmá, ìlérí ló jẹ́ pé oúnjẹ ń bọ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó jẹun ni wọ́n máa ń lo irú oògùn yìí, kí ínsúlínì àti oúnjẹ lè bára pàdé. Bí oúnjẹ bá máa délẹ̀ ní aago 10, aago 9 ààbọ̀ ni oògùn.

Aago Ò Purọ́, ikùn òfìfo tí ẹ sọ yẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oògùn mìíràn ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ mú fulukulọkisasílìnì tí a fi ń pa kòkòrò àrùn. Oúnjẹ máa ń dín èyí tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí á lò ó ní wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ, tàbí wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni tó lo ìyẹn ò bá tètè jẹun, kò sí ewu. Ebi lásán ló máa pa á. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lè kọ sára páálí méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń sá fún oúnjẹ, èkejì ń dúró dè é.

Ìbéèrè tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn bi wa nìyẹn nígbà tí a bá ń gbé oògùn lé wọn lọ́wọ́: "Ṣé oògùn yìí ń sá fún oúnjẹ ni, àbí ó ń dúró dè é?" Bí ẹni tó ń fún yín ní oògùn ò bá lè dáhùn, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀.

Aago Ò Purọ́

Mo gbà fún yín lórí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ńkọ́? Ìyẹn ò lè ní ìtumọ̀ méjì. Aago ni aago.

Apoògùn Alẹ́

Ó lè ní in o. Tí wọ́n bá fẹ́ wákàtí 12 gan-an, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, "ní wákàtí méjìlá-méjìlá". Àwọn oògùn kan wà tí àlàfo yẹn ṣe pàtàkì fún, nítorí pé bí wọ́n bá ti ń lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àìsàn á tún gbérí. "Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́" lásán sábà máa ń jẹ́ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kí ó jìnnà síra dáadáa. Bí ẹ bá lo ti àárọ̀ ní aago 7 tí ti ìrọ̀lẹ́ bọ́ sí aago 6 tàbí aago 8, ọ̀pọ̀ oògùn ò ní bá yín jà. Ohun tí kò dáa ni kí ẹ lo ti àárọ̀ ní aago 11, kí ẹ sì lo èkejì ní aago 2 ọ̀sán nítorí pé ẹ fẹ́ kí ó pé méjì.

Ní ti màmá Àbẹ̀kẹ́, oúnjẹ gan-an ni aago wọn. Bí fóònù bá dún ní aago 7 alẹ́, tí oúnjẹ alẹ́ ò sì ní délẹ̀ títí di aago 9, aago 8 ààbọ̀ ni kí wọ́n lò ó. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí jù ni kí ẹnì kan rántí ní aago 11 òru pé òun ò tíì lo ti alẹ́, kó gbé e mì, kó sì lọ sùn. Ṣúgà lè já wálẹ̀ lójú oorun, ẹni tó sùn ò sì ní mọ̀ pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n.

Kí n má tilẹ̀ pa irọ́ fún yín, oògùn ibà kan wà tí wọ́n ń kọ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ sí tí aago rẹ̀ sì tún yàtọ̀ pátápátá, àpapọ̀ átímẹ́tà àti lumẹfántírìnì. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń lò ó, ẹ̀ẹ̀mẹfà lápapọ̀, ṣùgbọ́n wákàtí 8 péré ló wà láàárín èkíní àti èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó di àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn tún ń fẹ́ oúnjẹ tó lọ́ràá kó tó wọ ara dáadáa.

Ìyá Bọ̀dé

Háà! Ikùn òfìfo lèmi fi ń lo oògùn ibà yẹn ní tèmi. Mo rò pé bó ṣe máa yára ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ní ìbéèrè méjì sí i. Bí màmá ò bá fẹ́ jẹun alẹ́ rárá ńkọ́? Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn tí ó bá rẹ̀ wọ́n. Àti pé bí wọ́n bá gbàgbé ti àárọ̀, ṣé kí wọ́n lo méjì ní alẹ́?

Apoògùn Alẹ́

Wọn ò gbọ́dọ̀ lo méjì pa pọ̀ láé. Èyí tó lọ ti lọ. Kí wọ́n lo ẹyọ kan ti alẹ́ ṣáájú oúnjẹ alẹ́, ó tán. Ìtọ́ni tí a sì sábà máa ń fún ẹni tó ń lo irú oògùn yìí ni pé bí oúnjẹ ò bá sí, oògùn ò sí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà pé màmá kì í fẹ́ jẹun alẹ́ nígbà mìíràn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n yí bí wọ́n ṣe pín in padà, torí pé àárọ̀ àti alẹ́ tí wọ́n kọ yẹn, orí ìgbàgbọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá ń jẹun gidi ni wọ́n gbé e kà.

Ohun kan wà tí ẹ ò bi mí, mo sì fẹ́ sọ ọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá fún dókítà lónìí. Bí irú oògùn yìí bá ti fa ṣúgà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè tún fà á lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, àgàgà lára àgbàlagbà. Omi ṣúgà tí ẹ fún wọn yẹn dára. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà nínú omi. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ṣúgà bá ṣì wà lábẹ́ 70 mg/dl, ẹ tún un ṣe. Ẹ̀rọ mìíràn máa ń fi 4 mmol/l hàn dípò rẹ̀. Ohun kan náà ni. Nígbà tó bá gòkè tán, kí wọ́n jẹun gidi. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé wọn ò mọra mọ́, ẹ má da nǹkan kan sí wọn lẹ́nu o, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn tààrà ni.

Bàbá Tísà

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ọ̀rọ̀ gàgàrà yẹn, torí pé ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án. Kọntiréńdíkéṣọ̀n ni àwọn aburú tí oògùn lè ṣe fún èèyàn: kí orí máa fọ́ ọ, kí inú máa rú u, kí ara máa yún un. Wọ́n kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí a má baà pè wọ́n lẹ́jọ́ ni. Èmi kì í kà á. Ẹni tó bá ka gbogbo rẹ̀ ò ní lo oògùn kankan.

Nọ́ọ̀sì Àná

Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Tísà. Èyí tí ẹ sọ yẹn, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ bébà ló wà, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́. Ohun tí oògùn lè ṣe lẹ́yìn tí a bá lò ó tán ni. Kọntiréńdíkéṣọ̀n ti wà lára èèyàn kó tó fọwọ́ kan hóró kan. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, èèwọ̀ ni mo máa ń pè é fún àwọn aláìsàn mi. Bí ìdílé ṣe ní èèwọ̀ oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ní irú ẹni tó jẹ́ èèwọ̀ fún un.

Ẹ wo ibupurófẹ́ẹ̀nì tí gbogbo wa ń lò fún ara ríro. Ó lè mú kí inú máa ta èèyàn tí kò ní àìsàn kankan. Ìyẹn ni ohun tí ẹ ń sọ, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká lò ó lẹ́yìn oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, èèwọ̀ ni fún un. Kì í ṣe pé kó jẹun dáadáa kó tó lò ó. Kó má lò ó ni.

Bàbá Tísà

Mo gbọ́, Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ èèwọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí dókítà máa ń fún èèyàn ní oògùn tí bébà ní kó má lò? Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Apoògùn Alẹ́

Ìbéèrè gidi nìyẹn, bàbá. "Èèwọ̀" tí Nọ́ọ̀sì lò dùn mọ́ mi, mo sì máa yá a lò. Níbi tó ti ń fì díẹ̀ ni pé èèwọ̀ kì í ní àdínkù, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú bébà pín sí ìpele. Abala kan wà fún èèwọ̀ gan-an. Abala mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó ń sọ pé kí a ṣọ́ra: ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò lágbára, ẹni tó ti dàgbà. Ìyẹn ò ní kí ẹ má lò ó. Ó ní kí ìwọ̀n rẹ̀ kéré tàbí kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ó lè jẹ́ pé abala ìkìlọ̀ lẹ kà tí ẹ pè é ní èèwọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé dókítà ò mọ̀ nípa àìsàn kan tí ẹ ní. Kí ẹ béèrè ló dáa ju kí ẹ máa lò ó pẹ̀lú ìfura.

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ gbà mí o. Ọ̀rọ̀ èèwọ̀ yìí ló jẹ́ kí n padà lọ mú bébà náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ oògùn sọ́fà má lò ó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, màmá lo kotirimọkisasólù, gbogbo ara wọn lé ròrò, ètè wọn sì wú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé sọ́fà ò bá àwọn lára mu. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n ti ń lo gílípísáìdì yìí o! Kò sì sí nǹkan tó ṣe awọ ara wọn. Ṣé kí n da páálí náà nù ni?

Ìyá Bọ̀dé

Dà á nù kíá! Kí lẹ tún ń béèrè?

Nọ́ọ̀sì Àná

Èmi náà ò ní jẹ́ kí wọ́n lo òmíràn. Ètè tó wú kì í ṣe eré.

Apoògùn Alẹ́

Ẹ rọra. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀, n ò sì ní ṣe bíi pé ó rọrùn. Gílípísáìdì àti sọ́fà jọ ní nǹkan kan nínú bí wọ́n ṣe kàn wọ́n pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe é kọ ọ́ sínú bébà. Ṣùgbọ́n apá tó máa ń mú kí ara àwọn ènìyàn kọ kotirimọkisasólù, gílípísáìdì ò ní in. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ara wọn kọ sọ́fà ló ń lo irú oògùn àtọ̀gbẹ yìí tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Àwọn dókítà kan máa ń fún wọn, wọ́n á sì máa ṣọ́ wọn. Àwọn mìíràn ò ní dán an wò, pàápàá bí ti àtijọ́ bá le.

Ọ̀sẹ̀ kan tí kò sí nǹkan tó ṣe awọ ara jẹ́ àmì tó dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí tó parí ọ̀rọ̀. Ẹ má sì da oògùn náà nù, torí pé bí a bá kàn dá oògùn àtọ̀gbẹ dúró láìsí òmíràn, ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹ pe dókítà kí màmá tó lo ti alẹ́ òní. Nǹkan méjì ni kí ẹ sọ: ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ní aago 10, àti ètè tó wú nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé "sọ́fà ò bá wọn mu" lásán. Ẹ sọ orúkọ oògùn náà, ẹ sọ ibi tó wú, ẹ sọ bóyá mímí wọn le tàbí awọ ara wọn bó. Ìdáhùn tí wọ́n máa fún yín dúró lórí ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àná

Mo gbọ́, Apoògùn. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ ìyá mi ni, màá ní kí wọ́n fún wọn ní òmíràn. Oògùn àtọ̀gbẹ pọ̀.

Aago Ò Purọ́

Ẹ dákun, mo fẹ́ mọ nǹkan kan. Wọ́n kọ "1-0-1" sára oògùn mi tuntun. Ṣé aago kan ni?

Apoògùn Alẹ́

Kì í ṣe aago rárá, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan ní àárọ̀, òdo ní ọ̀sán, ọ̀kan ní alẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ náà ni, wọ́n kàn bá yín yan ìgbà. Bí ó bá jẹ́ pé "bd" ni wọ́n kọ, ohun kan náà ni. "Ac" tó bá tẹ̀ lé e ń tọ́ka sí ṣáájú oúnjẹ, "pc" sì ń tọ́ka sí lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ ṣì máa béèrè èyí tó ń sá àti èyí tó ń dúró.

Àbẹ̀kẹ́

Mo ti pè wọ́n. Dókítà béèrè gbogbo ohun tí Apoògùn sọ, títí kan awọ ara tó bó. Màmá ní kò bó, ètè nìkan ló wú tí ara sì lé. Wọ́n ní kí màmá má lo ti alẹ́ yìí, kí á wọn ṣúgà wọn kí wọ́n tó sùn àti ní kùtùkùtù, kí á sì mú gbogbo páálí oògùn wọn wá lọ́la. Wọ́n ò tíì sọ bóyá wọ́n máa yí i padà tàbí kí wọ́n dín in kù.

Màmá ní kí n bá àwọn kí yín. Wọ́n ní bí oògùn náà bá fi padà wá sílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ làwọn máa gbé e sí, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago mọ́.